Òwe Tí Ó Yẹ Ní Ọjọ́ Ìbúra Àwọn Olóyè Ẹgbẹ́ Ìlú

Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan bá yan àwọn olóyè tuntun, wọn a máa dá ọjọ́ kan tí àwọn tí a yàn yóò búra níwájú gbogbo ènìyàn. Ní ọjọ́ náà, alága tí ń lọ a gbé ìwé òfin ẹgbẹ́, ìwé ìṣirò owó àti àwọn kọ́kọ́rọ́ lé alága tí ń bọ̀ lọ́wọ́. Láàárín ìbúra àti àdúrà ìparí ni wọ́n sábà máa ń pe ẹnì kan, ìbáà ṣe àgbà ìlú tàbí olùkọ́, pé kí ó fi òwe gba àwọn olóyè náà níyànjú. Ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n sì ń fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé iṣẹ́ yìí rọrùn, nítorí pé kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ òwe mélòó kan. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ òwe, ọ̀tọ̀ ni kí ó mọ ibi tí a gbé ń pa á. Òwe tí ó bọ́ sí ibi tí kò yẹ lè tú ìpàdé ká kí a tó gbé oúnjẹ wọlé.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ nípa irú ẹgbẹ́ báyìí. Oyè alága, oyè akọ̀wé àti oyè akápò kì í ṣe oyè àtayébáyé ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìgbà tí àwọn ọmọ ìlú kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní òkè òkun ni wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa rántí ilé, tí wọ́n sì ń yan olóyè bí wọ́n ti rí i tí àwọn ilé iṣẹ́ àti ìjọ ń ṣe. Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà, tí ó tóbi ju ẹgbẹ́ ìlú kan ṣoṣo lọ, gba ọ̀nà yìí kan náà: ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni a ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1945, kí a tó wá fi í lọ́lẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1948. Oyè wọ̀nyí jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n òwe tí a fi ń kì wọ́n nílọ̀ ti dàgbà jù wọ́n lọ. Ààfin ni òmíràn ti wá, agbo ilé ni òmíràn ti wá, oko ni òmíràn sì ti wá. Nítorí náà, ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ ìbúra ní láti yẹ òwe kọ̀ọ̀kan wò, kí ó mọ̀ bí aṣọ tí a dá fún ọba bá lè ba alága mu.

Àwọn mìíràn kì í bá a mu rárá. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé, “Ẹni tí ó bá fojú di ọba, àwówó á wó o.” Òwe gidi ni, ó sì yẹ ní ààfin. Ṣùgbọ́n bí a bá pa á fún alága ẹgbẹ́ ní ọjọ́ tí ó búra, a ti sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pé kí wọn má ṣe bi í léèrè ohunkóhun. Ọdún mẹ́ta péré ni òfin ẹgbẹ́ fún un. Àwọn tí ó dìbò yàn án ni ó sì ni ẹgbẹ́. Ó ṣeni láàánú pé òwe yìí gan-an ni àwọn tí ó fẹ́ rí ojú rere alága tuntun máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn.

Òwe kan tí ó bá alága mu rẹ́gí ni èyí tí ó wí pé, “Ẹni tí ó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́.” Ẹni tí ó bá ti tẹ̀lé àwọn àgbẹ̀ lọ la ọ̀nà oko tuntun yóò mọ ohun tí òwe yìí ń sọ. Ẹni tí ó wà níwájú ni àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ orí ba, ó kọjú sí igbó, gbogbo ọkàn rẹ̀ sì wà lára igi tí ó fẹ́ gé àti ejò tí ó lè wà lábẹ́ ewé. Bí ó bá yà díẹ̀ sí apá ọ̀tún, kò ní mọ̀. Lójú rẹ̀, ọ̀nà náà tọ́ bí ọfà. Àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn, tí wọ́n lè gbé ojú sókè wo gbogbo rẹ̀, ni wọ́n ń rí i pé ó ti wọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé òwe náà kò bú ẹni tí ó wà níwájú. Kò pè é ní òmùgọ̀, kò sì sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣìnà. Ohun tí ó ń sọ ni pé ipò tí ó wà ni kò jẹ́ kí ó rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí alága fi lè gbọ́ ọ láìbínú, tí àwọn tí ó yàn án náà sì lè gbọ́ ọ kí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n òwe náà kò tíì parí iṣẹ́ bí ẹni tí ó pa á kò bá sọ ohun tí ẹ̀yìn ọ̀nà jẹ́ nínú ẹgbẹ́. Ẹ̀yìn ọ̀nà ni ìpàdé gbogboogbò tí òfin ní kí a máa pè ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ̀yìn ọ̀nà náà ni àwọn tí a yàn láti yẹ ìwé owó wò. Alága tí kò bá pe ìpàdé ti ní kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn máa lọ sí ilé, òun nìkan ni yóò sì máa la ọ̀nà lọ. Bí olùsọ̀rọ̀ bá lè so òwe pọ̀ mọ́ irú ohun bẹ́ẹ̀ tí a lè fojú rí, àwọn ènìyàn yóò mú un dé ilé.

Alága náà ni a ń pa òwe àwúre fún: “A fi ọ́ jọba, o ń ṣàwúre, ṣé o fẹ́ di Ọlọ́run ni?” Àwúre ni oògùn tí ènìyàn ń ṣe kí oríire lè bá a. Ẹni tí a ti fi jọba kò tún ní oríire kan tí ó ga ju èyí tí ó wà lórí rẹ̀ lọ. Kí ni ó tún wá ń fi oògùn wá? Nínú ẹgbẹ́ ìlú, àwúre alága ni kí ó máa wá ọ̀nà láti fa ọdún mẹ́ta rẹ̀ gùn, tàbí kí ó máa gba iṣẹ́ ẹgbẹ́ fún ilé iṣẹ́ ara rẹ̀. Òwe yìí kò bẹ̀rù ọba. Kò sì yẹ kí ó yà wá lẹ́nu, nítorí pé ní Ọ̀yọ́ àtijọ́ pàápàá, Aláàfin kò dá ìlú ní. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, lè kọ ọba tí ó bá ṣe àṣejù, bí wọ́n bá sì kọ̀ ọ́, kò lè wà lórí ìtẹ́ mọ́. Àwọn tí ń pa irú òwe bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé a lè fi ìbéèrè bá ọba wí.

Síbẹ̀, ẹ̀fẹ̀ wà nínú òwe àwúre, ẹ̀gún sì wà nínú ẹ̀fẹ̀ náà. Àgbà tí ó ju alága lọ ní ọjọ́ orí lè pa á, kí gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, kí alága náà rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀dọ́mọdé bá pa á, ohun tí wọn yóò gbọ́ ni pé ó ń pe alága ní olójúkòkòrò ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó gorí oyè.

Nígbà tí ó bá kan akápò, àṣìṣe kan wà tí ó wọ́pọ̀. Ọ̀rọ̀ owó ni, nítorí náà ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùsọ̀rọ̀ a máa lọ sí òwe jíjẹ. Wọn a ní, “Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.” Àlàyé òwe yìí dùn. Ní ayé àtijọ́, bí àgbà bá ń jẹun, àwọn ọmọdé a jókòó tì í. Bí ó bá jẹun tán, a fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú igbá, àwọn ọmọ a jẹ ẹ́, wọn a sì gbé igbá náà lọ fọ̀. Àgbà tí ó bá jẹ gbogbo rẹ̀ láìwo ẹ̀yìn kò ní rí ọmọ tí yóò bá a gbé igbá. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò rù ú, pẹ̀lú gbogbo àgbà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a tún òwe náà wò dáadáa. Ó ha sọ pé kí àgbà má jẹun bí? Kò sọ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ náà jẹ́ ti àgbà, ó ní ẹ̀tọ́ láti jẹ ẹ́. Kí ó kàn fi díẹ̀ sílẹ̀ ni. Bí a bá wá pa á fún akápò, ohun tí a ń sọ fún un ni pé kí ó máa jẹ owó ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ ẹ́ tán! Owó ẹgbẹ́ kì í ṣe oúnjẹ akápò. Kò ní ìpín kankan nínú rẹ̀, ìbáà ṣe kọ́bọ̀ kan. Ibi tí òwe àjẹìwẹ̀yìn ti wúlò ni ọ̀rọ̀ ọlá àti ìyìn. Alága tí ó bá gba gbogbo ìyìn iṣẹ́ tí ènìyàn méje ṣe, tí ó jẹ́ pé àwòrán tirẹ̀ nìkan ni a ń rí ní ibi gbogbo, yóò di ọjọ́ kan tí ẹrù yóò wúwo tí kò ní rí ẹni bá a rù ú. Òun ni a lè pa òwe náà fún.

Ohun tí ó yẹ akápò ni òwe ìfọkàntán: “Ẹni tí a ní kí ó fẹ́ ni lójú, ata ni ó fi sí ẹnu, ẹni tí a ní kí ó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ni ó fi sí ọwọ́.” Bí ìdọ̀tí bá bọ́ sí ènìyàn lójú, kò lè ríran láti yọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó ní láti ya ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn kí ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Kò sì sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dé gbogbo ẹ̀yìn ara rẹ̀ nígbà tí ó bá ń wẹ̀. Ibi tí a kò ti lè ran ara wa lọ́wọ́ gan-an ni a fi lé ẹni náà lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ rí sí akápò. Obìnrin tí ń ta ẹ̀fọ́, tí ó yọ ẹgbẹ̀rún náírà kan sílẹ̀ fún kíkọ́ ilé ìwòsàn, kò lè lọ sí bánkì lọ yẹ ìwé wò. Ó ti ya ojú sílẹ̀ fún akápò.

Akọ̀wé ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun sì ni òwe rẹ̀ ṣe pàtó jù. “Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ.” Ẹni tí ó rán iṣẹ́ lè bínú, kí ó sọ ọ̀rọ̀ líle. Ẹni tí ó gbọ́n kì í ru ìbínú náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán an sí. Ọ̀rọ̀ náà ni ó ń jẹ́, ó sì ń jẹ́ ẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí ìpàdé bá pinnu pé kí a béèrè owó oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó jẹ gbèsè, tí àwọn kan sì bú u nínú ìpàdé, akọ̀wé kò gbọdọ̀ kọ èébú náà sínú lẹ́tà. Iye owó àti ọjọ́ ni yóò kọ, yóò sì kí i dáadáa. Àmọ́, òwe yìí ní ààlà. Kò fún akọ̀wé ní àyè láti yí ìpinnu padà. Ohun tí ó rọ̀ ni ohùn. Oṣù mẹ́jọ kò gbọdọ̀ di oṣù mẹ́rin. Ààlà mìíràn tún wà. Ní ìlú mìíràn, ọ̀rọ̀ ta ni ẹrú àti ta ni ọmọ kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn ènìyàn, ó sì lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìdílé méjì. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, olùsọ̀rọ̀ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe yóò sọ ìtumọ̀ òwe náà lásán, yóò sì fi òwe gan-an sílẹ̀.

Ó ku àwọn olóyè lápapọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn olùsọ̀rọ̀ a máa pa òwe àgbájọ ọwọ́, òwe náà sì dára, ṣùgbọ́n a ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí etí kò fi ń dúró gbọ́ ọ mọ́. Òwe ejò tún ju ú lọ fún ìgbìmọ̀: “Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń jẹ ejò níyà.” Ejò kan ṣoṣo ni ọmọdé pàápàá ń fi igi lé. Bí ó bá ṣe pé ọká ni ó ṣáájú, tí erè tẹ̀lé e, tí ṣèbé sì ń bọ̀ lẹ́yìn, akọni wo ni yóò dúró? Ejò kì í ṣe ẹranko tí ó lẹ́wà, bẹ́ẹ̀ ni òwe náà kò sọ pé àwọn ejò fẹ́ràn ara wọn. Kò béèrè ìfẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n sáà jọ rìn ni. Ẹni tí ó bá ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ rí mọ̀ pé èyí gan-an ni ó ṣòro jù.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀, nítorí pé òwe wà fún apá méjèèjì. Àgbà tí inú rẹ̀ kò dùn pé àwọn ọ̀dọ́ ni a yàn yóò sọ pé, “Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i.” Ọ̀dọ́ náà yóò dáhùn pé, “Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.” Òwe méjèèjì kò parọ́. Ohun tí olùsọ̀rọ̀ ní láti wò ni ẹni tí agbára ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí gbogbo olóyè bá jẹ́ àgbà, òwe Ilé-Ifẹ̀ ni ó yẹ wọ́n, kí wọ́n lè fi etí sí àwọn ọmọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, òwe ìjókòó ni wọ́n nílò, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ wọn nínú. Ẹni tí ó bá ṣe òdì kejì èyí, òróró ni ó ń dà sí iná.

Ní ti ọ̀nà tí a ń gbà pa òwe, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Bí olùsọ̀rọ̀ bá kéré sí àwọn tí ó jókòó, ó ní láti tọrọ àyè. Bí ó bá pa òwe tán, yóò ní, “Tótó, ó ṣe bí òwe o,” àwọn àgbà yóò sì dáhùn pé, “O óò pa òmíràn.” Òwe mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá pa ogún ti sọ ara rẹ̀ di ìwé òwe, nígbà tí ó sì jẹ́ pé ìwé òwe ti wà lórí àtẹ: Isaac Délànọ̀ ti ṣe ọ̀kan ní ọdún 1966, tí ó pè é ní Òwe l’Ẹṣin Ọ̀rọ̀. Ẹṣin ni a pe òwe níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì gun ẹṣin gbọ́dọ̀ ní ibi tí ó ń lọ. Ọ̀nà kan sì wà tí a fi ń mọ̀ bóyá àwọn ènìyàn ń bá ni bọ̀. Olùsọ̀rọ̀ a pa òwe dé ìdajì, a sì dákẹ́. Bí wọ́n bá parí rẹ̀ fún un pẹ̀lú ohùn kan, wọ́n ti gbà. Bí wọ́n bá ń wo ara wọn lójú, kí ó tètè jókòó.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo gbogbo èyí nínú àpẹẹrẹ kan. Kí a gbà pé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kékeré kan fẹ́ búra fún olóyè méje. Òfin wọn ní ọdún 3 ni kí olóyè lò, ṣùgbọ́n àwọn tí ń lọ ti lo ọdún 6. Wọ́n sọ pé àwọn yóò gbẹ́ kànga 3. Wọ́n gbẹ́ 2, ẹ̀kẹta sì wà ní ààbọ̀ nítorí pé owó tán. Kò sí ẹni tí ó lè fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n jí owó. Ohun tí ó dájú ni pé ìwé ìṣirò owó ṣì wà ní ilé akápò àtijọ́, kò sì tíì gbé e jáde. Ó ti ṣèlérí pé òun yóò mú un wá ní ọjọ́ ìbúra. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ni a ní kí ó sọ̀rọ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì mú un lọ fún bàbá arúgbó kan ní agbo ilé wọn pé kí ó bá òun gbọ́ ọ.

Òwe tí olùkọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ni, “Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.” Bàbá náà dá a dúró.

“Ta ni ó jìn sí kòtò?” ni ó béèrè.

“Bàbá, n kò dárúkọ ẹnì kankan.”

“Kànga ààbọ̀ wà ní ìlú, o wá ń pa òwe kòtò. O ha tún nílò láti dárúkọ bí? Níbo ni ẹni tí o ń bá wí yóò jókòó sí?”

“Ní iwájú, Bàbá.”

“Kí ni ó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀?”

Olùkọ́ náà kò lè dáhùn, nítorí pé ó ti rántí ìwé ìṣirò owó. Bí akápò àtijọ́ bá bínú dìde pẹ̀lú ìwé náà lábẹ́ abíyá rẹ̀, ó lè gba ọdún kan àti agbẹjọ́rò méjì kí ẹgbẹ́ tó tún fojú kàn án.

Bàbá náà kò sọ fún un pé kí ó fi òtítọ́ pamọ́. Ó ní kí ó fi “Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá” rọ́pò òwe kòtò. Òwe yìí sọ pé ìgbà olúkúlùkù ní ti rẹ̀, ó sì sọ pé ìgbà kọ̀ọ̀kan ní òpin. Àwọn tí ń lọ yóò gbọ́ apá kìíní, inú wọn yóò sì rọ̀. Àwọn tí ń bọ̀ yóò gbọ́ apá kejì, ọdún 6 tí ó yẹ kí ó jẹ́ 3 yóò sì wá sí wọn lọ́kàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mẹ́nu kàn án. Lẹ́yìn èyí, kí ó pa òwe ẹni tí ń la ọ̀nà fún alága, kí ó sì ka ọjọ́ ìpàdé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó wà nínú ọdún jáde. Kí ó pa òwe ìfójú àti ìkínlẹ́yìn fún akápò tuntun, ṣùgbọ́n kí ó dúró títí àtijọ́ yóò fi gbé ìwé kalẹ̀. Kí ó fi òwe ejò parí rẹ̀. Òwe mẹ́rin, ó tó.

Olùkọ́ náà tún ní òwe kan tí ó fẹ́ràn púpọ̀, ó sì béèrè bóyá òun lè fi kún un: “Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i.” Ó rò pé ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, nítorí pé ààfin tí iná jó ni a ń tún kọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

“Ìtùnú ni lóòótọ́,” ni Bàbá wí, “ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ jó ni ó ni ín. Bí ìwọ bá pa á, o ti sọ pé wọ́n jó ilé. Fi í sílẹ̀ fún wọn. Bí alága tí ń lọ bá gbọ́n, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pa á.”

Ní ọjọ́ ìbúra, olùkọ́ náà dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, ó sì ní, “Ọba mẹ́wàá…” Gbogbo ilé dáhùn pé, “Ìgbà mẹ́wàá!” Ohùn alága àtijọ́ wà nínú wọn. Ó tọrọ àyè, ó pa òwe ọ̀nà, ó ka ọjọ́ ìpàdé. Nígbà tí a pe àwọn tí ń lọ kí wọ́n dágbére, alága àtijọ́ na ọwọ́ sí ìhà ibi tí kànga kẹta wà, ó ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i, kí àwọn ọmọ wọ̀nyí parí ohun tí àwọn kò lè parí. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Ìgbà náà ni akápò àtijọ́ gbé ìwé ìṣirò owó sórí tábìlì. Akápò tuntun ṣí i, ó wo ojú ewé tí ó kẹ́yìn, ó kọ ọjọ́ náà sí abẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i níwájú àwọn tí yóò máa yẹ ìwé wò.